Ìdì Tùràrí Márùn-ún, Àwòrán Méjìléláàádọ́ta

Eré kan wà ní ilẹ̀ Jàpáàn tó jẹ́ pé imú ni wọ́n fi ń ṣe é. Genji-kō ni orúkọ rẹ̀, ìgbà Edo, ìyẹn láàárín 1603 sí 1868, ló sì gbilẹ̀. Ẹni tó gbàlejò á mú oríṣi tùràrí márùn-ún, á di oríṣi kọ̀ọ̀kan sí ìdì márùn-ún nínú pépà, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ ìdì 25. Á dà wọ́n pọ̀, á wá fa márùn-ún yọ láìmọ èyí tó fà. Lọ́kọ̀ọ̀kan ló ń fi iná sí wọn. Ìkòkò kékeré kan ni wọ́n ń lò, ẹyín iná wà lábẹ́ eérú inú rẹ̀, igi olóòórùn dídùn tí kò tó èékánná sì wà lókè eérú. Àlejò á fi àtẹ́lẹwọ́ kan gbé ìkòkò náà, á fi èkejì ṣíji bo ẹnu rẹ̀, á rọra fa òórùn náà símú, á sì gbé e fún ẹni tó kàn.

Lẹ́yìn ìdì karùn-ún, ìbéèrè kan ṣoṣo ni àlejò máa dáhùn: èwo ló jọ èwo? Kò pọn dandan kó mọ orúkọ tùràrí kankan. Á fa ìlà òòró márùn-ún sórí pépà láti ọ̀tún sí òsì, ìlà kan fún ìdì kan. Àwọn tí òórùn wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà, á fi ìlà ìbú so wọ́n pọ̀ lórí. Bí ìdì kìíní àti ìkẹta bá jọra, tí mẹ́ta tó kù sì dá yàtọ̀, ìlà kìíní àti ìlà kẹta nìkan ló máa so pọ̀, àwọn yòókù á dá dúró.

Àwòrán 52 ló lè tinú eré yìí jáde, kò lé, kò dín. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń jẹ́ orúkọ orí kan nínú Ìtàn Genji, ìwé ńlá tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Murasaki Shikibu kọ ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Orí 54 ni ìwé náà ní, nítorí náà wọ́n fi orí àkọ́kọ́ àti orí ìkẹyìn sílẹ̀ kí iye orúkọ lè bá iye àwòrán mu.

Báwo la ṣe mọ̀ pé 52 ni wọ́n? Ẹni tó bá jókòó tó ń yà wọ́n lè fojú fo ọ̀kan, ó sì lè ya ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì láìfura. Tí ìdì bá di mẹ́wàá ńkọ́, tí ọ̀nà náà sì lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún? Ọ̀nà kan wà tí a fi ń kà wọ́n láìyà wọ́n rárá, òun ni mo fẹ́ ká jọ rìn. Ẹ mú bírò àti pépà, nítorí kíkà lásán kò ní tó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí à ń kà. Àwọn ìdì tí òórùn wọn jọ ara wọn ni mo máa pè ní agbo. Ìdì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà nínú agbo kan, kò sì lè wà nínú méjì. Agbo kankan kò gbọdọ̀ ṣófo: òórùn tí kò sí ìdì tó gbé e wá, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ, a ò lè kà á. Ìdì ní ipò tirẹ̀, ìkíní kì í ṣe ìkejì. Agbo ní tirẹ̀ kò lórúkọ, kò sì ní ipò. Bí mo bá sọ pé ìkíní àti ìkejì jọra, ìkẹta sì yàtọ̀, tí ẹlòmíì wá sọ pé ìkẹta yàtọ̀, ìkíní àti ìkejì ló jọra, ohun kan náà la sọ, àwòrán kan náà la sì máa yà. Ibi gbólóhùn yìí, pé agbo kò ní ipò, ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń wọlé, a máa padà bá a láìpẹ́.

Láti kọ ọ́ ní kúkurú, mo máa fi ìlà pààlà láàárín agbo kan àti èkejì. 12|3 túmọ̀ sí pé ìkíní àti ìkejì wà nínú agbo kan, ìkẹta dá wà. Iye ọ̀nà tí a lè gbà pín ohun n sí agbo k, láìjẹ́ kí agbo kankan ṣófo, la ń kọ báyìí: S(n, k). Nọ́ńbà Stirling oríṣi kejì ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè é. Oríṣi kìíní wà pẹ̀lú, bí a ṣe lè to àwọn èèyàn yí tábìlì ká ni ìyẹn ń kà. A ò ní dé ibẹ̀ lónìí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdì mẹ́ta. Bí gbogbo wọn bá wà nínú agbo kan, ọ̀nà kan ṣoṣo ni: 123. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá dá wà, ọ̀nà kan ṣoṣo náà ni: 1|2|3. Bí agbo bá jẹ́ méjì, ọ̀kan nínú mẹ́ta gbọ́dọ̀ dá wà, méjì tó kù á sì wà pa pọ̀: 12|3, 13|2, 23|1. Nítorí náà S(3, 1) = 1, S(3, 2) = 3, S(3, 3) = 1. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 5.

Ó yá, ìdì mẹ́rin sí agbo méjì. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ fúnra yín kí ẹ tó ka ìlà tó kàn.

Ó lè jẹ́ pé ọ̀kan dá wà tí mẹ́ta wà pa pọ̀: 1|234, 2|134, 3|124, 4|123. Mẹ́rin nìyẹn. Ó sì lè jẹ́ méjì-méjì: 12|34, 13|24, 14|23. Mẹ́ta nìyẹn. Lápapọ̀, S(4, 2) = 7. Bí ẹ bá rí mẹ́fà nínú ti méjì-méjì, ẹ ti ka 34|12 bí ẹni pé ó yàtọ̀ sí 12|34. Ẹ rántí pé agbo kò ní ipò.

Ọ̀nà àbùjá kan wà tí mo ti rí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ó sì wuni débi pé ó yẹ ká tú u wò dáadáa. Akẹ́kọ̀ọ́ náà á ronú báyìí: agbo kankan kò gbọdọ̀ ṣófo, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ìdì kọ̀ọ̀kan sínú agbo méjèèjì kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ọ̀nà mẹ́fà ló wà láti mú méjì nínú mẹ́rin. Ìdì méjì tó kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan á yan agbo tó wù ú nínú méjì, ìyẹn 2 × 2 = 4. Nítorí náà 6 × 4 = 24. Kò sí ìgbésẹ̀ tó dà bí èyí tó burú nínú rẹ̀, síbẹ̀ a ti fi ojú rí i pé méje ni gbogbo wọn.

Níbo ni 24 ti wá? Ẹ wo 1|234. Ẹni tó kọ́kọ́ wọ inú agbo kejì lè jẹ́ 2, ó lè jẹ́ 3, ó sì lè jẹ́ 4. Ìpín kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà mẹ́ta la gbà dé ibẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta la sì kà á. Ní ti 12|34, a lè fi 1 tàbí 2 ṣe àkọ́wọlé agbo kìíní, ká fi 3 tàbí 4 ṣe ti ìkejì: ẹ̀ẹ̀mẹrin la ka òun. Ìpín mẹ́rin tí a kà lẹ́ẹ̀mẹta jẹ́ 12, ìpín mẹ́ta tí a kà lẹ́ẹ̀mẹrin jẹ́ 12, àpapọ̀ 24. Ìka ò dọ́gba, nítorí náà kò sí nọ́ńbà kan tí a lè fi pín 24 kí a sọ pé a ti tún un ṣe. Ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀ ni pé a fún ìdì kan nínú agbo ní oyè àkọ́wọlé, bẹ́ẹ̀ agbo kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ wọlé. Tí ẹ bá rí ara yín níbi tí ẹ ti ń yan ẹni tó máa ṣáájú nínú agbo, ẹ dúró, ẹ ti ń kà ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìdì kan wà tí a lè fún ní oyè láìṣe àṣìṣe, ìyẹn ìdì tó dé kẹ́yìn. Òun ti ní oyè tẹ́lẹ̀, kì í ṣe àwa la yàn án: gbogbo àwọn tó jókòó ló mọ̀ pé òun ni wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká bi í ní ìbéèrè kan.

Ẹ fojú inú wò ó pé ẹ jẹ́ àlejò nínú eré náà. Ẹ ti gbọ́ òórùn mẹ́ta, ìlà mẹ́ta ti wà lórí pépà yín, ẹ sì ti so àwọn tó jọra. Wọ́n wá gbé ìkòkò kẹrin dé. Nígbà tí ẹ bá fà á símú, ọ̀kan nínú ohun méjì ló máa ṣẹlẹ̀. Yálà ó jọ òórùn kan tí ẹ ti gbọ́ rí, tàbí òórùn tuntun ni. Kò sí ẹ̀kẹta, ohun méjèèjì kò sì lè ṣẹlẹ̀ pa pọ̀.

Ká ní a fẹ́ kí agbo jẹ́ mẹ́ta nígbà tí ìdì kẹrin bá ti wọlé. Bí ó bá jẹ́ òórùn tuntun, á dá agbo tirẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà agbo méjì péré ló gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kó tó dé. Ìdì mẹ́ta sí agbo méjì, a ti kà á: 3. Ẹ mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fi 4 sí ẹ̀gbẹ́ wọn: 12|3|4, 13|2|4, 23|1|4. Bí ó bá sì jẹ́ òórùn tí a ti gbọ́ rí, agbo mẹ́ta ti gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, nítorí kò ní dá òmíràn sílẹ̀. Ìdì mẹ́ta sí agbo mẹ́ta, ọ̀nà kan ni: 1|2|3. Ṣùgbọ́n ìkẹrin lè wọ èyíkéyìí nínú agbo mẹ́ta wọ̀nyẹn: 14|2|3, 1|24|3, 1|2|34. Ọ̀kan di mẹ́ta. Àpapọ̀ 3 àti 3 jẹ́ 6, ìyẹn ni S(4, 3).

Ẹ tún fi S(4, 2) tí a ti mọ̀ dán an wò. Bí ìkẹrin bá jẹ́ tuntun, mẹ́ta tó ṣáájú wà nínú agbo kan: 123|4. Ọ̀nà kan. Bí ó bá jẹ́ òórùn àtijọ́, mẹ́ta tó ṣáájú ti wà ní agbo méjì ní ọ̀nà mẹ́ta, ìkẹrin sì ní agbo méjì tó lè wọ̀: láti ara 12|3 ni 124|3 àti 12|34 ti wá, láti ara 13|2 ni 134|2 àti 13|24, láti ara 23|1 ni 234|1 àti 23|14. Mẹ́fà. Mẹ́fà àti ọ̀kan, méje. Ẹ wò wọ́n pẹ̀lú àwọn méje tí a kọ lókè, ẹ ó rí i pé àwọn kan náà ni, ọ̀kan kò sọnù, ọ̀kan kò sì wá lẹ́ẹ̀mejì.

Kí ló dé tí ọ̀kan kò fi lè wá lẹ́ẹ̀mejì? Nítorí a lè padà sẹ́yìn. Ẹ mú ìpín èyíkéyìí tí 4 wà nínú rẹ̀, ẹ yọ 4 kúrò. Ohun tó kù jẹ́ ìpín kan ṣoṣo ti ìdì mẹ́ta, a sì rí ibi tí 4 wà kí a tó yọ ọ́. Òbí kan ṣoṣo ni ìpín kọ̀ọ̀kan ní. Ohun tí ọ̀nà àbùjá tó fún wa ní 24 kò ní nìyí: 1|234 ní òbí mẹ́ta níbẹ̀.

Kò sí ohun kan nínú àlàyé yìí tó di mọ́ nọ́ńbà mẹ́rin. Bí ìdì bá jẹ́ n, tí a fẹ́ agbo k, ẹni ìkẹyìn lè dá wà, kí n-1 tó kù ti wà ní agbo k-1. Ó sì lè darapọ̀ mọ́ ọ̀kan nínú agbo k tí n-1 yẹn ti wà. Bí a ṣe ń kọ ọ́ rèé:

```
S(n, k) = k × S(n-1, k) + S(n-1, k-1)
```

Mo máa ń pè é ní òfin àtẹ̀gùn, nítorí orí ìlà tó wà lókè ni ìlà tó kàn dúró sí. Ẹ ka apá ọ̀tún rẹ̀ bí ìtàn, ẹ má kà á bí àmì lásán. k × S(n-1, k) ni ìtàn ẹni tó darapọ̀ mọ́ agbo. K tó wà níwájú rẹ̀ ni iye ilẹ̀kùn tó lè kàn. S(n-1, k-1) ni ìtàn ẹni tó dá wà. Kò sí ilẹ̀kùn tó ń yàn, nítorí náà kò sí nọ́ńbà kankan níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìtàn méjèèjì kò ní há òfin náà sórí rárá.

Pẹ̀lú òfin yìí, ìlà karùn-ún kò gbà wá ní ìṣẹ́jú kan. Ìlà kẹrin ni 1, 7, 6, 1. Fún agbo méjì: 2 × 7 + 1 = 15. Fún agbo mẹ́ta: 3 × 6 + 7 = 25. Fún agbo mẹ́rin: 4 × 1 + 6 = 10. Ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin jẹ́ 1, nítorí ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn lè gbà wà pa pọ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbà dá wà.

```
n = 1:   1
n = 2:   1   1
n = 3:   1   3   1
n = 4:   1   7   6   1
n = 5:   1  15  25  10   1
```

Ẹ ro ìlà ìkẹyìn pọ̀: 1 + 15 + 25 + 10 + 1 = 52. Gbogbo àwòrán genji-kō rèé, a ò sì ya ẹyọ kan. A tún mọ ju iye lápapọ̀ lọ: àwòrán 25 nínú wọn ni ti àlejò tó gbọ́ òórùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì.

Ìbẹ̀rẹ̀ tábìlì náà gba ọ̀rọ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí òfin náà fúnra rẹ̀ bí ìlà kìíní, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún un pé S(0, 0) = 1, kí ẹ sì fi 0 sí gbogbo ibi tí agbo ti pọ̀ ju ìdì lọ, àti ibi tí ìdì wà tí agbo kò sí. S(1, 1) á wá jẹ́ 1 × 0 + 1 = 1. Ó máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu pé pínpín òfo sí agbo òfo jẹ́ ọ̀nà kan, kì í ṣe òfo. Ẹ wò ó báyìí: eré kò tíì bẹ̀rẹ̀, pépà ṣófo, pépà tó ṣófo náà jẹ́ àwòrán kan. Bí ẹ bá fi 0 síbẹ̀, gbogbo tábìlì á di 0 láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nígbà tí èèyàn bá ń fi ọwọ́ kọ tábìlì yìí ni kí k bọ́ sọnù. Ìlà kẹta á di 1, 2, 1, ìkẹrin á di 1, 3, 3, 1. Àwọn tó ti ṣe ìṣirò níná àkámọ́ máa dá tábìlì yẹn mọ̀: ti Pascal ni, tó ń ka ọ̀nà tí a lè gbà ṣa díẹ̀ nínú púpọ̀. Ìtàn tirẹ̀ ni pé ẹni ìkẹyìn wọlé tàbí kò wọlé, kò sí agbo tó ń yàn. Àṣìṣe kejì ni kí k lọ dúró níwájú ẹni tó dá wà. S(4, 2) á wá di 3 + 2 × 1 = 5, bẹ́ẹ̀ méje ni a fojú rí.

Ibi méjì wà tí ẹ lè wò kíá láti mọ̀ bóyá ọwọ́ yín yẹ̀. Àkọ́kọ́ ni òpó agbo méjì: 1, 3, 7, 15. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tó ṣáájú, pẹ̀lú ọ̀kan lé. Òfin àtẹ̀gùn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a tún lè rí i láìlo òfin náà: ẹ fi ìdì kìíní sí ibì kan, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tó kù sọ bóyá òun á bá a lọ tàbí òun ò ní bá a lọ. Fún ìdì márùn-ún, àwọn mẹ́rin tó kù ní ọ̀nà 2 × 2 × 2 × 2 = 16; ẹ yọ ọ̀nà kan tí gbogbo wọn ti bá a lọ, nítorí agbo kejì á ṣófo. Ó ku 15. Ìkejì ni nọ́ńbà tó wà ṣáájú 1 ìkẹyìn ní ìlà kọ̀ọ̀kan: 1, 3, 6, 10. Bí agbo bá fi ọ̀kan péré dín sí ìdì, agbo kan ṣoṣo ló ní ìdì méjì, àwọn yòókù dá wà. Ohun tí à ń kà kò ju iye ọ̀nà tí a lè gbà mú méjì. Nínú márùn-ún, mẹ́wàá ni.

Bó ti wù kó rí, 25 tó wà láàárín kò sí lórí ibi méjèèjì yìí. Ẹ jẹ́ ká wá ẹ̀rí tó máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí ẹ̀rí yẹn ló máa gbé wa dé ọ̀dọ̀ Stirling.

Ká ní oríṣi tùràrí mẹ́ta la ní, tí a sì mọ orúkọ wọn: pupa, funfun, dúdú. Ìdì márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ èyíkéyìí nínú mẹ́ta, nítorí náà 3 × 3 × 3 × 3 × 3 = 243 ni gbogbo ọ̀nà. Ẹ wá kà wọ́n ní ọ̀nà kejì: ẹ kọ́kọ́ wo bí ìdì ṣe pín sí agbo, lẹ́yìn náà kí ẹ wá fún agbo kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Bí agbo bá jẹ́ ọ̀kan, ìpín jẹ́ 1, orúkọ mẹ́ta ló lè jẹ́: 3. Bí agbo bá jẹ́ méjì, ìpín jẹ́ 15; agbo tí ìdì kìíní wà lè gba orúkọ mẹ́ta, agbo kejì á gba ọ̀kan nínú méjì tó kù, 15 × 3 × 2 = 90. Bí agbo bá jẹ́ mẹ́ta, ìpín jẹ́ 25, orúkọ pín ní 3 × 2 × 1, ìyẹn 150. Ẹ rò ó pọ̀: 3 + 90 + 150 = 243. Bí 25 bá jẹ́ 24 tàbí 26, kò ní bá a dé ibẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí agbo gba orúkọ, iye ọ̀nà pọ̀ sí i ní ìlọ́po mẹ́fà, láti 25 sí 150. Nítorí náà kí ẹ tó lo S(n, k) fún ìṣirò èyíkéyìí, ẹ bi ara yín bóyá agbo lórúkọ. Bí ẹ bá pín akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún sí ẹgbẹ́ mẹ́ta láti jíròrò, tí iṣẹ́ kan náà wà fún gbogbo ẹgbẹ́, 25 ni. Bí ẹgbẹ́ kan bá máa gbálẹ̀, tí èkejì máa pọnmi, tí ẹ̀kẹta máa dáná, 150 ni. Bó bá sì jẹ́ ohun tí a ò lè mọ̀ yàtọ̀ síra ni ẹ ń pín, bí irúgbìn àgbàdo, nọ́ńbà Stirling kò bá ọ̀rọ̀ náà wí rárá: irúgbìn márùn-ún sí ebè mẹ́ta tí kò lórúkọ jẹ́ ọ̀nà méjì péré, 3, 1, 1 àti 2, 2, 1.

Ẹ fi x rọ́pò iye oríṣi tùràrí, kí ìdì jẹ́ mẹ́ta. Gbogbo ọ̀nà jẹ́ x × x × x. Bí a bá tò ó ní agbo-agbo, agbo kan fún wa ní x, agbo méjì fún wa ní 3 lọ́nà x(x-1), agbo mẹ́ta fún wa ní x(x-1)(x-2):

```
x³ = 1·x + 3·x(x-1) + 1·x(x-1)(x-2)
```

Ẹ fi 5 sí ipò x: 5 + 60 + 60 = 125. Ó pé. Ìlà kẹta tábìlì wa, 1, 3, 1, ló dúró níwájú wọn.

Ibi tí James Stirling ti pàdé àwọn nọ́ńbà yìí rèé. Ọmọ ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì ni, wọ́n bí i ní 1692, ó sì kú ní 1770. Inú ìwé tó kọ ní èdè Látìn, tí wọ́n tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1730, ló ti lo tábìlì wọn. Kò bá tùràrí tàbí agbo lọ. Ohun tó ń wá ni bí a ṣe lè yí x³, x⁴ àti àwọn ẹgbẹ́ wọn padà sí x(x-1), x(x-1)(x-2) bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí irú èyí rọrùn gan-an fún ẹni tó ń ro àwọn nọ́ńbà tó tò tẹ̀lé ara wọn pọ̀. Ní Jàpáàn, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Saka Masanobu gbé ìwé jáde ní 1782, òun sì gba ọ̀nà pínpín ohun sí agbo dé ibi kan náà. Orúkọ Stirling kò lẹ̀ mọ́ àwọn nọ́ńbà náà títí di ìgbà tí Niels Nielsen, ará Dẹ́nímáàkì, pè wọ́n bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tirẹ̀.

Òfin àtẹ̀gùn náà fara hàn nínú iṣẹ́ Stirling bí ẹ bá wò ó dáadáa. Láti kúrò ní x³ lọ sí x⁴, ẹ ní láti sọ x(x-1) di ìlọ́po x. Ẹ kọ x bí 2 + (x-2). Apá 2 dá x(x-1) padà ní ìlọ́po méjì. Apá (x-2) sọ ọ́ di x(x-1)(x-2). Apá 2 ni ẹni tó yan ọ̀kan nínú agbo méjì tó wà nílẹ̀. Apá (x-2) ni ẹni tó mú òórùn tuntun wá, pẹ̀lú orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ìdì kan kún eré náà. Ìdì mẹ́fà: agbo kan, 1. Agbo méjì, 2 × 15 + 1 = 31. Agbo mẹ́ta, 3 × 25 + 15 = 90. Agbo mẹ́rin, 4 × 10 + 25 = 65. Agbo márùn-ún, 5 × 1 + 10 = 15. Agbo mẹ́fà, 1. Òpó agbo méjì ní 31, ìlọ́po méjì 15 pẹ̀lú ọ̀kan lé. Nọ́ńbà tó ṣáájú ti ìkẹyìn jẹ́ 15, iye ọ̀nà tí a lè gbà mú méjì nínú mẹ́fà. Àpapọ̀ jẹ́ 203.

Ṣùgbọ́n ẹni tó gbàlejò ṣì ní oríṣi márùn-ún péré nínú àpótí rẹ̀, ìdì márùn-ún nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá fa mẹ́fà yọ nínú 25 yẹn, òórùn mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kò lè jáde, nítorí oríṣi kẹfà kò sí. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò sì lè jọra, nítorí kò sí oríṣi tó ní ìdì mẹ́fà. Àwòrán méjì yẹn ni kò sí àlejò tó máa yà wọ́n bí imú rẹ̀ bá gbọ́ òórùn dáadáa. 201 tó kù lè jáde. Pẹ̀lú ìdì márùn-ún tí wọ́n ń fà ní genji-kō, kò sí èyí tó sé mọ́ wọn lọ́wọ́: oríṣi márùn-ún tó fún márùn-ún láti dá yàtọ̀, ìdì márùn-ún nínú oríṣi kan sì tó fún márààrún láti jọra.